Tí gbogbo ẹ̀dà bá rí bákan náà, ta ló ni àwòrán?

Ọmọkùnrin kan tó ń yàwòrán lórí fóònù pè mí láìpẹ́ yìí. "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti jí iṣẹ́ mi o." Ṣómólù ló ń gbé, l'Ékòó níbí, àdúgbò tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kì í sinmi. Ó ya ìyá arúgbó kan tó wé gèlè, tó ń rẹ́rìn-ín, ó sì gbé e sí Ínsítágírámù. Kò pé oṣù kan lẹ́yìn náà ló rí ìyá arúgbó ẹ̀ láyà tí-ṣáàtì, lọ́wọ́ obìnrin kan tó ń tajà nítòsí.

Ó lọ bá obìnrin náà, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ọjà mà. Èmi ni mo ya àwòrán yìí." Ìyá yẹn ò bínú rárá. Ó ní, "Ọmọ mi, ìwọ ní fáìlì, èmi náà ní fáìlì. Wọ́n jọra bí ìbejì. Kí wá ni mo jí? Ṣebí tìẹ ṣì wà lọ́wọ́ ẹ?"

Ọmọkùnrin náà sọ fún mi pé òun ò rí èsì fọ̀. Kí a má purọ́, ìbéèrè ìyá yẹn le. Tí olè bá gbé ewúrẹ́ ẹ, ewúrẹ́ ò sí lágbàlá mọ́. Àmọ́ tí ẹnì kan bá da àwòrán ẹ kọ, àwòrán ṣì wà lórí fóònù ẹ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Kí ló sọnù? Èwo ni ojúlówó, èwo ni ayédèrú? Ẹ jẹ́ ká tú u díẹ̀díẹ̀.

Ṣé lóòótọ́ ni wọ́n jọra?

Àwòrán orí kọ̀ǹpútà kì í ṣe ọ̀dà, kì í sì í ṣe bébà. Òǹkà ni. Àwòrán pín sí àwọn àmì kéékèèké tí wọ́n ń pè ní píkísẹ́lì, òǹkà ló sì ń sọ àwọ̀ tí píkísẹ́lì kọ̀ọ̀kan máa ní. Tí o bá da fáìlì náà kọ, kọ̀ǹpútà kàn tún àwọn òǹkà yẹn kọ síbòmíràn, ọ̀kan ò sì ní yàtọ̀. Kò dà bí agbẹ́gilére tí ère kejì rẹ̀ máa ń fi díẹ̀ yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́, kò sì dà bí fọ́tòkópì tó ń ṣá bí a ṣe ń da ẹ̀dà kọ látara ẹ̀dà.

Ọ̀nà kan wà tí ẹ lè fi dán an wò fúnra yín. Kọ̀ǹpútà lè gba ìtẹ̀ka fáìlì, bí wọ́n ṣe ń gba ìtẹ̀ka èèyàn ní báńkì. Lórí Windows, ohun tí ẹ máa tẹ̀ nìyí:

```
certutil -hashfile aworan.png SHA256
```

Lórí Linux, òun ló kúrú jù:

```
sha256sum aworan.png
```

Á gbé àmì 64 jáde, òǹkà àti lẹ́tà pọ̀. Ẹ da fáìlì yẹn kọ lẹ́ẹ̀mẹwàá, kẹ́ ẹ gba ìtẹ̀ka gbogbo wọn: ọ̀kan náà ni wọ́n máa ní. Àmọ́ tí ẹ bá yí àwọ̀ píkísẹ́lì kan ṣoṣo padà, tí ojú ò tiẹ̀ lè rí i, ìtẹ̀ka náà á yí padà pátápátá.

Mo ní kí ọmọkùnrin wa dán èyí wò sára fáìlì tí ìyá oníṣòwò ń lò. Wọn ò bára mu! Fáìlì tiẹ̀ fẹ̀ tó 4,000 píkísẹ́lì, ti ìyá yẹn ò ju 1,080 lọ, torí Ínsítágírámù máa ń dín àwòrán kù kó tó gbé e jáde. Wọ́sáàpù náà ń dín in kù tí ẹ bá fi ránṣẹ́ bíi fọ́tò lásán, àfi tí ẹ bá fi ránṣẹ́ bíi ìwé ni kò ní fọwọ́ kàn án. Nítorí náà, ìbejì tí ìyá ń wí, ọ̀kan tóbi ju èkejì lọ.

Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ ká tìtorí ìyẹn yọ̀ jù. Ká ní ó rí fáìlì ńlá yẹn gan-an ńkọ́? Ìtẹ̀ka wọn á bára mu, ìbéèrè ìyá á sì ṣì wà nílẹ̀. Ìtẹ̀ka lè sọ pé nǹkan méjì jọ jẹ́ ọ̀kan náà. Kò lè sọ ẹni tó ṣe é.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀

Ẹ̀dà tó jọra ò ṣàjèjì sí wa. Ní bíi ọdún 1975, oníwádìí ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Stephen Sprague wà ní Ìlá-Ọ̀ràngún, ó ń wo bí àwọn oníyàwòrán ṣe ń ṣiṣẹ́. Ó rí i pé tí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó ya wọ́n ní fọ́tò, fọ́tò lè dípò ère ìbejì. Oníyàwòrán á ya èyí tó wà láàyè, á wá tẹ àwòrán yẹn lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan, kó lè dà bíi pé àwọn méjèèjì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn.

Ẹ wò ó dáadáa. Ọmọ kan ni, fíìmù kan ni, ojú méjèèjì ò yàtọ̀. Síbẹ̀, lójú ìyá wọn, ọ̀kan ni Táíwò, èkejì ni Kẹ́hìndé. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ò sí nínú bébà. Inú ohun tí ìdílé mọ̀, tí wọ́n sì gbà, ló wà.

Àwọn oníṣẹ́ ọnà tó ń tẹ àwòrán, irú Bruce Onobrakpeya, náà ní ọgbọ́n tiwọn. Tí wọ́n bá fín àwòrán sára pátákó, wọ́n lè tẹ ọgọ́rùn-ún jáde. Oníṣẹ́ ọnà á pinnu iye tó fẹ́ tẹ̀, ká ní 50, á fi pẹ́ńsùlù kọ 1/50, 2/50 sí ìsàlẹ̀ wọn, á sì buwọ́ lù wọ́n. Ohun tó sọ wọ́n di ọ̀wọ́n ni ìlérí rẹ̀ pé òun ò ní tẹ ìkọkànléláàádọ́ta. Tó bá yẹ ìlérí yẹn, owó á já lulẹ̀.

Àwòrán orí kọ̀ǹpútà ló ba ọgbọ́n yìí jẹ́, torí ẹni tó rà á náà lè tẹ mílíọ̀nù kan síta láìfọwọ́ kan pátákó kankan. Ibẹ̀ ni ọkùnrin kan ní Niu Yọ́ọ̀kì ti ronú ohun mìíràn.

Ìtàn Quantum

Kevin McCoy lorúkọ rẹ̀. Ó fi kóòdù ṣe àwòrán kan tó ń rìn, àmì onígun mẹ́jọ tó ń tàn tó sì ń mí bí ohun ẹlẹ́mìí. Ó pè é ní Quantum. Ọjọ́ kejì oṣù karùn-ún ọdún 2014 ló forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lórí bulọ́kùséènì kan tó ń jẹ́ Namecoin.

Bulọ́kùséènì, ẹ rò ó bíi ìwé àkọsílẹ̀ tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún kọ̀ǹpútà jọ ń tọ́jú. Ohun tí a bá kọ síbẹ̀, gbogbo ayé lè rí i, kò sì sẹ́ni tó lè dá nìkan pa á rẹ́. McCoy ò gbé àwòrán náà gan-an síbẹ̀, torí kò sí àyè tó. Àdírẹ́sì ibi tí àwòrán wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì àti ìtẹ̀ka fáìlì náà ló kọ, ó sì fi ọ̀rọ̀ kan kún un pé ẹnikẹ́ni tí àkọsílẹ̀ yìí bá wà níkàáwọ́ rẹ̀ ló ni iṣẹ́ náà. Lọ́jọ́ kejì, òun àti Anil Dash fi ọgbọ́n yìí han àwọn èèyàn ní mùsíọ́mù New Museum, Dash sì san dọ́là mẹ́rin tó wà lápò rẹ̀ láti ra fídíò kékeré kan lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ohun tí wọ́n ń pè ní NFT lónìí nìyẹn, ọdún púpọ̀ kí orúkọ náà tó délé dóko.

Ọgbọ́n yẹn mọ́gbọ́n dání o. Ó ní ẹ̀dà lè pọ̀ bí iyanrìn, kò burú, ohun tí a máa tà kì í ṣe ẹ̀dà. Ìlà kan nínú ìwé àkọsílẹ̀ la máa tà, ìlà yẹn ò sì lè jẹ́ méjì.

Àbí ó lè jẹ́ méjì? Ẹ gbọ́ o.

Namecoin ní òfin kan: ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ tún un ṣe ní bí oṣù mẹ́jọ mẹ́jọ, bí ìgbà tí èèyàn ń san owó ilé. McCoy ò tún tiẹ̀ ṣe. Orúkọ náà já gbà, kò sì sẹ́ni tó bìkítà fún ọdún bíi mẹ́fà. Nígbà tó di oṣù kẹta ọdún 2021, ilé gbàǹjo Christie's ta àkójọ àwòrán Beeple ní mílíọ̀nù 69 dọ́là, ojú gbogbo ayé là. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, ẹnì kan lọ gba orúkọ tó já gbà yẹn lórí Namecoin, ó sì fi sábẹ́ ilé iṣẹ́ kan ní Kánádà tó ń jẹ́ Free Holdings. McCoy náà ò sùn. Lóṣù karùn-ún, ó tún Quantum forúkọ sílẹ̀ lórí bulọ́kùséènì mìíràn, Ethereum. Lóṣù kẹfà, Sotheby's ta ti Ethereum yìí ní 1,472,000 dọ́là.

Àwòrán kan, àkọsílẹ̀ méjì, oní-nǹkan méjì. Ní ọdún 2022, Free Holdings gbé McCoy àti Sotheby's lọ sílé ẹjọ́ ní Niu Yọ́ọ̀kì. Àlàyé wọn ò ṣòro: McCoy fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ pé ẹni tó bá di àkọsílẹ̀ Namecoin mú ló ni iṣẹ́. Àwa ló dì í mú báyìí. Kí ló wá tà?

Ní oṣù kẹta ọdún 2023, kóòtù da ẹjọ́ náà nù. Ohun tí adájọ́ rí ni pé àkọsílẹ̀ Namecoin ṣì wà lọ́wọ́ Free Holdings, kò sẹ́ni tó gbà á lọ́wọ́ wọn, wọn ò sì fi hàn pé títà tí wọ́n ta ti Ethereum pa wọ́n lára. Ó tún sọ pé wọ́n kàn fẹ́ fi àìdájú tó wà nínú òwò tuntun yìí jẹ nínú èrè ẹni tó ṣe iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká dúró síbí díẹ̀, torí ibẹ̀ lẹ̀kọ́ wà. Wọ́n kọ́ ìwé àkọsílẹ̀ yìí kí a má baà nílò ẹni tó máa dá ọ̀rọ̀ nínú ọ̀rọ̀ oní-nǹkan mọ́. Kọ̀ǹpútà ló yẹ kó máa sọ ọ́. Nígbà tí ìjà dé, ẹ̀yìn adájọ́ ni wọ́n sá sí, ohun tí ó sì gbé ọ̀rọ̀ lé ni ọ̀rọ̀ àtijọ́: ta ló ṣe iṣẹ́, ta ló sì pàdánù?

Nǹkan mẹ́ta ni, kì í ṣe ọ̀kan

Ohun tó ń da orí èèyàn rú nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé a máa ń fi ẹnu kan ṣoṣo pe nǹkan mẹ́ta ní "àwòrán".

Àkọ́kọ́ ni fáìlì. Ẹnikẹ́ni lè ní in, ẹ̀dà rẹ̀ ò sì ní àgbà kò ní àbúrò. Àwòrán Beeple tó tó mílíọ̀nù 69 dọ́là yẹn, ìwọ náà lè wò ó lórí fóònù ẹ lálẹ́ òní, kí o sì tọ́jú ẹ̀dà kan.

Èkejì ni àkọsílẹ̀, ìyẹn NFT. Èyí sọ pé nírú ọjọ́ báyìí, ẹni báyìí kọ nǹkan báyìí síbí. Òótọ́ ló máa ń sọ nípa ọjọ́ àti ẹni tó kọ ọ́, àmọ́ kò mọ̀ bóyá ẹni tó kọ ọ́ ló yà á. Olè náà lè forúkọ sílẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2022, ọjà NFT tó tóbi jù nígbà yẹn, OpenSea, jẹ́wọ́ pé ju ìdá ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí àwọn èèyàn fi irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ wọn ṣe ló jẹ́ iṣẹ́ oníṣẹ́ tí wọ́n jí, ayédèrú tàbí pàǹtírí. Yàtọ̀ sí ìyẹn, púpọ̀ nínú àkọsílẹ̀ wọ̀nyí, àdírẹ́sì ló wà nínú wọn bíi ti McCoy. Tí ilé iṣẹ́ tó gbé àwòrán sórí íńtánẹ́ẹ̀tì bá kógbá sílé, olówó á di ìlà àkọsílẹ̀ mú, ibi tó ń tọ́ka sí á sì ti ṣófo. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó ra NFT lọ́dọ̀ FTX nìyẹn nígbà tí ilé iṣẹ́ náà wó ní ọdún 2022.

Ẹ̀kẹta ni kọpiráìtì, ẹ̀tọ́ láti pinnu ẹni tó lè tẹ̀ ẹ́, tó lè tà á, tó lè gbé e sáyà tí-ṣáàtì. Ẹni tó ra iṣẹ́ Beeple ò ra èyí, ọwọ́ Beeple ló ṣì wà. Bákan náà ló rí fún ẹni tó ra kánfáàsì tó gbé kọ́ sí pálọ̀: kánfáàsì di tiẹ̀, àmọ́ kò lè máa tẹ káàdì ọdún láti ara rẹ̀.

Ìyá oníṣòwò wa sọ òótọ́ nípa nǹkan àkọ́kọ́. Fáìlì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò dín ti ọmọkùnrin yẹn kù. Ẹ̀kẹta ló fọwọ́ kàn láìmọ̀. Ohun tó mú lọ kì í ṣe àwòrán, ìpinnu ló mú lọ: ìpinnu bóyá ìyá arúgbó yẹn máa wà láyà tí-ṣáàtì, lọ́wọ́ ta ni, àti ní èló.

Ohun tí òfin wa sọ

Òfin kọpiráìtì Nàìjíríà ti ọdún 2022, tí ààrẹ buwọ́ lù ní oṣù kẹta ọdún 2023, ò béèrè èwo ni fáìlì àkọ́kọ́. Nǹkan méjì ló ń béèrè: ṣé o fi làálàá tìẹ sí i tó fi ní ìrísí tirẹ̀, ṣé o sì ti gbé e kalẹ̀ síbi tí èèyàn ti lè rí i? Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀tọ́ ti di tìẹ lójú ẹsẹ̀. Kò dìgbà tí o bá forúkọ sílẹ̀, kò sì dìgbà tí o bá ní NFT. Ẹ̀tọ́ náà á wà títí di àádọ́rin ọdún lẹ́yìn tí o bá kú. Tí o bá sì fẹ́ gbé e fún ẹlòmíràn, àfi kó wà ní kíkọ. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, "ṣebí mo sanwó fún ẹ", ò tó.

Ẹ kíyè sí ohun tí òfin yìí ṣe. Ó gbé "ojúlówó" kúrò lára fáìlì, ó gbé e sára iṣẹ́ ṣíṣe. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀dà mílíọ̀nù kan tó jọra ò fi da òfin láàmú. Ẹ̀dà lè jọra, ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo ló jókòó yà á.

Ó ku ẹ̀rí. Báwo lo ṣe máa fi hàn pé ìwọ lo jókòó yà á? Ibí ni ọmọkùnrin wa ti ní ohun tí ìyá oníṣòwò ò lè dà kọ. Àwòrán tó gbé sí Ínsítágírámù, àwòrán tó ti pa pọ̀ di ọ̀kan ni. Èyí tó wà lórí fóònù rẹ̀ ní ìpele mẹ́tàlélógún: gèlè wà ní ìpele tiẹ̀, òjìji wà ní tiẹ̀, eyín tó kọ́kọ́ yà tí kò dáa wà níbẹ̀, ó kàn pa á mọ́ ni. ibisPaint tó fi ń yàwòrán tún ti ká bó ṣe fà á láti ìlà àkọ́kọ́ dé ìparí. Ẹni tó jí ọbẹ̀ gbé ò lè mú ata tí wọ́n lọ̀ jáde.

Nítorí náà, ẹ má fún ẹnikẹ́ni ní fáìlì oní-ìpele, àyàfi tí ó bá wà nínú àdéhùn. Ẹ tọ́jú rẹ̀ síbi méjì, torí fóònù ń sọnù. Èyí tí ẹ máa gbé síta, ẹ jẹ́ kó kéré ju èyí tó wà lọ́wọ́ yín lọ. Tí iṣẹ́ yín bá sì fara hàn lórí ìkànnì tí ẹ ò fọwọ́ sí, òfin 2022 yìí fún yín lágbára láti kọ̀wé sí àwọn tó ń gbé ìkànnì náà jáde pé kí wọ́n yọ ọ́.

Ọmọkùnrin náà padà lọ bá ìyá yẹn. Kò mú ọlọ́pàá dání, fóònù ló mú lọ. Ó ṣí àwòrán náà níwájú rẹ̀, ó ń yọ ìpele lọ́kọ̀ọ̀kan. Gèlè lọ. Òjìji lọ. Ẹ̀rín lọ. Ó wá ku ìlà pẹ́ńsùlù wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ kan ṣoṣo, ojú ìyá arúgbó láìsí ohunkóhun lára.

Ìyá oníṣòwò wò ó fún ìgbà díẹ̀. Ó béèrè pé, "Ta ni màmá yìí gan-an?"

Ó ní, "Ìyá ìyá mi ni, mà. Wọ́n ti dolóògbé."

Wọ́n kọ̀wé àdéhùn lọ́jọ́ náà, ojú ìwé kan péré: iye owó lórí ṣáàtì kọ̀ọ̀kan, iye ṣáàtì tí ìyá lè tẹ̀, àti pé orúkọ ọmọkùnrin náà gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ àwòrán. Owó tó kù nínú èyí tí wọ́n ti tà tẹ́lẹ̀, wọ́n ṣì ń fà á lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ìyá ò tún sọ pé fáìlì méjèèjì jọra mọ́.